Bí oníṣòwò aṣọ kan l'Anié ṣe fi 6,000 fàránkì kọ́gbọ́n lórí Fesibúùkù

Obìnrin kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà Anié sọ fún wa pé 6,000 fàránkì ló kọ́kọ́ fi polówó ọjà rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Ó gbé fọ́tò aṣọ síbẹ̀, ó tẹ “Booster la publication”, ó sì sanwó láì wo ohun mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí i, àmọ́ ẹnì kankan ò wá sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló bá a wo ibi tí àwọn tó rí i wà. “Ìyá, gbogbo Tógò lẹ polówó fún. Lomé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.”

“Lomé tí mo ti ń ra aṣọ náà wá?”

Lẹ́ẹ̀kejì, 2,000 péré ló san. Kó tó sanwó, ó yọ Tógò kúrò níbi tí wọ́n ti ń yan ìlú, ó fi Anié síbẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́ dé kìlómítà 40, kí Atakpamé lè wọ̀ ọ́. Ó yan àwọn obìnrin ọmọ ọdún 20 sí 50, ó sì kọ iye aṣọ àti ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà sábẹ́ fọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, obìnrin mẹ́rin ti mú fóònù wá, wọ́n ń nawọ́ sí fọ́tò náà. Mẹ́ta rajà.

Ní báyìí, ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ló ti ń wo ibi tí àwọn tó rí i wà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, á dá ìpolówó náà dúró, kí owó tó kù má bàa bá a lọ.