Ìwé Atọ́nà fún Ìsìn Tí À Ń Tàn Ká Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

“Ẹ̀YIN ará tí ẹ ń wò wá nílé, ìlú wo lẹ wà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.” Atọ́kùn ètò béèrè bẹ́ẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kò rí ìdáhùn, ó sì ní: “Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń wò wá.” Àmọ́, àwọn ará tó wà nílé kò tíì gbọ́ ìbéèrè náà nígbà yẹn. Kí ló fà á?

Àwòrán àti ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ òǹwòran lójú ẹsẹ̀. Lórí Yútúùbù, fún àpẹẹrẹ, ó lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lè tó 30, bí a bá ṣe ṣètò rẹ̀ àti bí íńtánẹ́ẹ̀tì òǹwòran bá ṣe lágbára tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni náà á tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdáhùn. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ ìwé atọ́nà ka nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sáàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, kó sì kọ ohun tí yóò kún àlàfo náà sílẹ̀.

Pínpín Àkókò

Ẹ jẹ́ ká mú ìsìn ìrọ̀lẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7:00, tó sì gbọ́dọ̀ parí ní 8:00. Bí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ṣe lè rí nìyí:

7:00, ìṣẹ́jú 3. Atọ́kùn kí àwọn ará. Ní ìparí: “Ẹ kọ orúkọ ìlú yín ránṣẹ́ bí a ṣe ń kọrin.”
7:03, ìṣẹ́jú 5. Ẹgbẹ́ akọrin.
7:08, ìṣẹ́jú 2. Atọ́kùn ka orúkọ ìlú mẹ́ta. Bí kò bá sí ìdáhùn: “Arákùnrin kan kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ yìí pé . . .” (Kí lẹ́tà náà jẹ́ òtítọ́, kó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.)

Ẹ kíyè sí i pé orin ló kún àlàfo náà. Ẹ tún wo irú ìbéèrè tí a bi wọ́n: ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọmọ lè fi ìka kan tẹ orúkọ ìlú.

Kíka Bíbélì àti àdúrà gba ìṣẹ́jú 10, ìwàásù sì bẹ̀rẹ̀ ní 7:20. Ó yẹ kó parí ní 7:45, kí ìbéèrè àti ìdáhùn gba ìṣẹ́jú 8, kí ìkéde gba 3, kí orin ìparí àti oore-ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 7:56. Àmọ́ ní 7:40, nígbà tí ìwàásù ṣì ń lọ, a ó ti kọ ọ́ sójú àwòrán pé kí àwọn ará máa fi ìbéèrè wọn ránṣẹ́.

Bí oníwàásù bá wá parí ní 7:51 ńkọ́? (Àwa òjíṣẹ́ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun àjèjì.) Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ. Kí ìwé náà ti sọ ṣáájú ibi tí a ó ti dín in kù: ìbéèrè á di ìṣẹ́jú 4, ìkéde á di 1. Oore-ọ̀fẹ́ á ṣì bọ́ sí àkókò rẹ̀.

Nígbà Tí Nǹkan Bá Bàjẹ́

Kí arábìnrin tàbí arákùnrin kan jókòó sí igun, kó máa fi fóònù tó ń lo dátà tirẹ̀ wo ètò náà bí ẹni tó wà nílé. Kó lo íápíìsì, kí ohùn fóònù má bàa padà wọnú gbohùngbohùn. Bí ohùn bá dákẹ́ níbẹ̀, òun ló máa gbé páálí sókè, torí pé atọ́kùn kò lè mọ̀. Bí ohùn bá ti padà, atọ́kùn á ka ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ pé: “Ẹ má bínú, ohùn wa kò dé ọ̀dọ̀ yín. A ó tún ẹsẹ̀ Bíbélì náà kà.”

Èyí tó le jù ni kí iná lọ, kí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì sì kú. Kámẹ́rà tó ní bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó wà nínú ilé ìjọsìn ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà atọ́kùn lè rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú yòówù kó sọ, kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó di fóònù mú ló máa tẹ ọ̀rọ̀ tiwa sábẹ́ àwòrán pé: “Iná ló lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí, a ń tan jẹnẹrétọ̀.” Kó má ṣe dá iye ìṣẹ́jú, torí bí a bá ní méjì tó wá di mẹ́wàá, àwọn ará á lọ sùn. Tí ètò bá padà, kí atọ́kùn fi gbólóhùn méjì sọ ohun tí wọ́n pàdánù kí oníwàásù tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀dà mẹ́rin ìwé náà ni a ó tẹ̀: ti atọ́kùn, ti ẹni tó di kámẹ́rà mú, ti ẹni tó ń wo fóònù, àti ti oníwàásù. Lórí ti oníwàásù, kí á fi yíǹkì pupa yí 7:45 ká.