"Mo ti sanwó" nìkan kò tó

Aránṣọ kan n'Íbàdàn sanwó fún oníṣòwò aṣọ ní Balógun, l'Ékòó, ó wá kọ ọ́ pé: "Mo ti sanwó o." Owó ta ni nínú gbogbo èyí tó wọlé lónìí? Ẹ wo àtúnṣe rẹ̀:

"Ẹ kú ọjà, mà. Mo san ₦90,000 fún ánkárá mẹ́wàá láago 9:40 àárọ̀ yìí. Orúkọ ọkọ mi lẹ máa rí. Rìsíìtì rèé. Mò ń retí ẹrù ní gáréèjì Ìwó Róòdù l'Ọ́jọ́bọ̀, bí a ṣe sọ."

Orúkọ ọkọ yẹn gan-an ló ń dáni dúró jù tí a kò bá dá a. Rìsíìtì ayédèrú pọ̀, nítorí náà oníṣòwò yóò kọ́kọ́ yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò. Bí owó kò bá tíì wọlé, nọ́ńbà ìsanwó tó wà lórí rìsíìtì ni báǹkì yóò fi tọpa rẹ̀. Ẹ má gé e kúrò nínú fọ́tò.