Súwíìṣì Kejì Nínú Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ká ní ilé-ìwé kan ní kọ̀ǹpútà 20 lórí súwíìṣì oníhò 24, ni 20 mìíràn bá tún dé. Wọ́n ra súwíìṣì kejì, wọ́n sì fi wáyà kan so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, níbi tí sáfà wà. Wáyà yẹn ń gbé gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ 20 tuntun bá jọ ń fa fáìlì, kálukú ń rí nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 50, èyí tó tó wo fídíò dáadáa.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ra súwíìṣì alásopọ̀, tí wáyà àkànṣe ń sọ di ẹyọ kan. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn sáfà. Bí ihò gígábíìtì 1 kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti há, owó ńlá yẹn kò sì ní mú nǹkan yá.

Ewu ibẹ̀ ni kí ẹnìkan ki wáyà kejì bọ̀ ọ́ láìṣètò. Lórí súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú, ìsọfúnni á máa yí po láàárín méjèèjì: gbogbo iná á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, gbogbo ẹ̀rọ á sì dákú. Ẹ yọ wáyà kan, ara á tù ú. Bí súwíìṣì méjèèjì bá ní LACP, ẹ ṣètò rẹ̀ níhà méjèèjì kí ẹ tó ki wáyà náà.

Ìgbà tí súwíìṣì bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí àtúnṣe kan náà ń di àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin, ni alásopọ̀ tó yẹ lówó.