Níbi Tí Ìdáhùn Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ti Jọ Òtítọ́

“Oṣù kẹta rẹ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ní ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀gá rẹ gbé fáìlì kan lé ọ lọ́wọ́ ní aago mọ́kànlá, ó ní kó dé ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà kó tó di aago méjìlá. Bí o ṣe ṣí i wò, o rí i pé nọ́ńbà ojú ìwé fò láti orí 13 bọ́ sórí 15. Ojú ìwé 14 kò sí níbẹ̀. Kí ni wàá ṣe?”

Ìdáhùn mẹ́rin ló tẹ̀ lé e. Èkíní ní kí o gbé fáìlì náà lọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀gá ló rán ọ. Èkejì ní kí o lọ bá Akọ̀wé Àgbà fúnra rẹ̀, kí o sọ fún un pé wọ́n ti yọ ìwé kan kúrò. Ẹ̀kẹta ní kí o padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, kí o fi àlàfo náà hàn án, kí ẹ sì wádìí ibi tí ìwé náà wà kí fáìlì tó kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní kí o tún nọ́ńbà ojú ìwé kọ, kó lè tò tẹ̀ léra wọn.

Irú ìbéèrè báyìí máa ń wá nínú ìdánwò ìgbaniwọlé sẹ́nu iṣẹ́ ọba, ó sì máa ń wá nínú ti àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe ìṣirò, kì í sì í ṣe gírámà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í múra sílẹ̀ fún un. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, àwọn sì ti kọ́ ọ nílé. Ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé kì í ṣe ìwà nìkan ni ìdánwò náà ń wò. Ó ń wo bóyá ẹni náà mọ àyè tó wà, ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti ẹni tó yẹ kí ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó dára kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbéèrè náà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ bá. Wọ́n á bi wọ́n léèrè ọ̀ràn tó ti dojú kọ wọ́n rí, ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe sí i, àti ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Inú èyí ni ìtàn kúkúrú inú ìbéèrè ti ń jáde. Àwọn àgbà iṣẹ́ mìíràn á wá to àwọn ìdáhùn náà láti orí èyí tó dára jù dé orí èyí tó burú jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti fohùn ṣọ̀kan ni máàkì wà. Ìbéèrè tí wọn kò bá lè fẹnu kò lé lórí, ńṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, ìdáhùn tó gba máàkì ni èyí tí òṣìṣẹ́ tó já fáfá, tó jókòó sórí àga yẹn gan-an, yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí fáìlì wa. Ìdáhùn kẹrin ló burú jù, ó sì yani lẹ́nu iye èèyàn tó ń mú un, torí wọ́n rò pé títún nǹkan ṣe ni. Nọ́ńbà tó wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì ìjọba ni ẹ̀rí pé kò sí ohun tó wọlé tàbí tó jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Ẹni tó bá tún un kọ ti pa ẹ̀rí rẹ́. Òfin Iṣẹ́ Ọba ti ìjọba àpapọ̀ ka yíyí àkọsílẹ̀ padà mọ́ ìwà àìtọ́ ńlá. Bíbo àkọsílẹ̀ mọ́lẹ̀ àti dídá fáìlì dúró lọ́nà àìtọ́ náà wà níbẹ̀, ìjìyà irú ìwà bẹ́ẹ̀ sì lè dé orí lílé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tuntun tí kò tíì parí ọdún méjì ìdánwò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró bí wọ́n bá gbá a mú.

Ìdáhùn kejì ló ń tan àwọn tí inú wọn mọ́ jẹ. Ó jọ ìgboyà, ó jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà kà. Níbo ni wọ́n ti sọ pé ọ̀gá náà yọ ìwé? Ohun tí a mọ̀ kò ju pé ojú ìwé kan kò sí níbẹ̀. Ó lè wà ní rẹ́jísírì. Ó lè wà nínú fáìlì onígbà díẹ̀ tí wọ́n ṣí nígbà tí fáìlì gan-an wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó fi nọ́ńbà sí i náà lè ka nọ́ńbà fò. Ẹni tó mú ìdáhùn kejì ti fi ìtàn tirẹ̀ kún èyí tí wọ́n fún un, ó ti fẹ̀sùn kan ènìyàn láìní ẹ̀rí, ó sì ti fo ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ kọjá. Ìdáhùn kìíní ní tirẹ̀ kò purọ́, kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó sọ òṣìṣẹ́ di ìránṣẹ́ tí kò lójú. Bí Akọ̀wé Àgbà bá bu ọwọ́ lu ohun tó yẹ kí ojú ìwé 14 ta kò, ta ni wọn yóò bi léèrè?

Ó wá ku ìdáhùn kẹta. Ó fún ọ̀gá náà láyè láti ṣàlàyé, ó dá fáìlì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kò sì kọjá agbára ẹni tó dé lóṣù kẹta. Bí ìdáhùn mìíràn bá fi kún un pé kí o kọ ọ́ sínú fáìlì pé ojú ìwé 14 kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ, ìyẹn tún dára jù, torí ohun tí a kọ sílẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ọba ń rántí.

Ẹni tó ṣe ìbéèrè lè má dúró níbẹ̀ o. Ó lè ní: “Ọ̀gá rẹ dáhùn pé kí o gbójú fò ó, kí o tún nọ́ńbà náà kọ.” Ọ̀ràn ti yí padà. Ọ̀gá ti gbọ́, ó sì ti pàṣẹ ohun tí òfin kọ̀. Lílọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè rẹ̀, tí kò dára ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ti di ìdáhùn tó tọ́ báyìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó há “máa fẹjọ́ sun ọ̀gá àgbà” tàbí “má ṣe fo ọ̀gá rẹ” sórí fi ń gba ọ̀kan tó ń pàdánù òmíràn. Ipò tí ọ̀ràn dé ló ń sọ èyí tó kàn.

Ti olùkọ́ ní ewu tirẹ̀. Ẹ wo èyí: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní kíláàsì kẹrin ń jókòó ẹ̀gbẹ́ kan. Olùkọ́ rí ojú ẹgba lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tuntun lórí èyí àtijọ́. Ọmọ náà ní, “Ẹ̀yin àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Ìdáhùn kan ní kí olùkọ́ ṣèlérí fún un pé òun kò ní sọ. Òmíràn ní kó pe bàbá ọmọ náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kó kìlọ̀ fún un. Òmíràn ní kó ya fọ́tò, kó fi sórí wásáàpù àwọn olùkọ́, kí wọ́n lè gbà á nímọ̀ràn. Èyí tó kù ní kó fara balẹ̀ gbọ́ ọmọ náà, kó sọ fún un pé àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ nìkan ni òun yóò sọ fún, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kó sì fi tó ọ̀gá ilé-ìwé létí lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ilé ti kọ́ wa lè ṣì wá lọ́nà níbí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùkọ́ rere yóò pe bàbá, wọn yóò bẹ̀ ẹ́, wọn yóò bá a wí wẹ́rẹ́. Láàárín àgbàlagbà méjì, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá jẹ́ ẹni tó ń nà án ńkọ́? Ọmọ yóò délé ní aago méjì, yóò sì bá a nílé, pẹ̀lú ìbínú ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Ìlérí àṣírí náà kò dára, torí olùkọ́ yóò ní láti dalẹ̀ rẹ̀ tàbí kó fi ọmọ sílẹ̀ nínú ewu. Ti fọ́tò lórí wásáàpù kò gba àlàyé gígùn: ọmọ ló fi ṣe ìran wò. Ohun tí ìdáhùn tó dára jù kò ṣe náà yẹ ní kíkíyèsí: kò ní kí olùkọ́ ṣèwádìí, kò sì ní kó máa bi ọmọ náà ní ìbéèrè àbítẹnutẹnu. Iṣẹ́ àwọn mìíràn nìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ kí wọ́n fi ìyà bíburú jẹ ọmọ, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kò le tó báyìí, ṣùgbọ́n pańpẹ́ kan wà níbẹ̀. Òbí kan gbé àpò ìrẹsì wá nígbà tí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ kù díẹ̀ kó jáde. Ìdáhùn tó máa ń wu wá ni pé kí olùkọ́ gbà á, kó pín in fún gbogbo olùkọ́, kó má bàa dà bí ìmọtara-ẹni-nìkan. Pípín kò sọ ọ́ di mímọ́. Ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, tó wà nínú àfikún karùn-ún òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, gbà kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ní ìwọ̀n tí àṣà mọ̀ àti ní àkókò tí àṣà mọ̀. Òbí tó ń retí èsì kò sí nínú wọn. Kí olùkọ́ fi ọ̀wọ̀ dá a padà, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀.

Àwọn tó ń ṣe irú ìdánwò yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn àgbà iṣẹ́ ibòmíràn ni wọ́n pinnu ìdáhùn níbẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n lè ní kí èèyàn díwọ̀n ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dípò kó mú ẹyọ kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdáhùn méjì lè dára, mẹ́ta sì lè burú. Ẹ ka ìlànà tó wà lókè kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. “Kí ló yẹ kí o ṣe?” ń béèrè ìmọ̀, “Kí ni o máa ń ṣe?” ń béèrè ìwà.

Ìdánwò náà ní ààlà rẹ̀. Ó lè sọ pé ẹnì kan mọ ohun tó tọ́. Kò lè sọ bóyá yóò ṣe é lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún un, ẹ wá ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba àti ìlànà ìwà àwọn olùkọ́ tí TRCN gbé jáde, kí ẹ kà wọ́n kí ẹ tó náwó sórí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, torí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ọba rí lè wà lára àwọn tó kọ ìdáhùn inú àwọn ìwé náà.