Ẹpọ̀n Tó Lọ́ Kì Í Dúró De Ilẹ̀ Mímọ́

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó jẹun alẹ́, ó sùn, kò sí ohun tó ń ṣe é. Nígbà tó di aago 2 òru, ìrora jí i lójijì. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá òsì ń ro ó gan-an, kò sì pẹ́ tó fi sáré bọ́ síta lọ bì. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó bi í pé kí ló jẹ. Ó ní ẹ̀wà ni. Ohun tí kò sọ ni pé inú ẹpọ̀n òun gan-an ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì í.

Ìtìjú yẹn lè ná an ní ẹpọ̀n kan.

Kóró ẹpọ̀n kọ̀ọ̀kan so rọ̀ sórí okùn kan tó ti inú ikùn sọ̀ kalẹ̀. Inú okùn náà ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá wà, òun àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lọ, pẹ̀lú ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà kọjá. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ẹ̀yìn kóró náà lẹ̀ mọ́ ara àpò tó wà nínú rẹ̀, kò sì lè yí. Àmọ́ wọ́n bí àwọn kan tí tiwọn kò lẹ̀ dáadáa, tó kàn ń fì bí ahọ́n agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lè má mọ̀ títí wọn ó fi bàlágà. Ìgbà yẹn ni kóró náà ń tóbi tó sì ń wúwo sí i, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárín ọdún 12 sí 18 ni ọ̀ràn yìí ti wọ́pọ̀ jù. Iṣan tó ń fa ẹpọ̀n sókè lè sún kì lójú oorun tàbí nínú òtútù, kóró náà á yí po, okùn rẹ̀ á sì lọ́.

Bí okùn bá ti lọ́, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ló kọ́kọ́ ń dí, torí òun ló rọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, kóró náà á wá wú, á sì le. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé á dí pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, kóró náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí oníṣẹ́ abẹ bá tú okùn náà láàárín wákàtí 6, nínú ọmọkùnrin 10, ẹpọ̀n nǹkan bí 9 ló máa ń yè. Tó bá di wákàtí 12, nǹkan bí ìdajì ló kù. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Okùn tó lọ́ lẹ́ẹ̀mejì yí po tún ń yára pa á ju èyí tó lọ́ díẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n dé ọsibítù.

Báyìí ni wákàtí sì ṣe ń lọ mọ́ ọmọ wa yìí lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ fún un ní oògùn inú rírun, ó ní kó lọ sùn. Láago 7, bàbá rẹ̀ sọ pé ibà ni. Láago 10, ọmọ náà wá fi ibi tó ń dùn ún han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó ti wú. Ẹ̀gbọ́n mú un lọ sí kẹ́míìsì. Olóògùn wò ó, ó bi í pé ọmọbìnrin wo ló bá lò pọ̀, ó sì ta oògùn àtọ̀sí fún un. Wákàtí 8 ti lọ. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú gbogbo wọn o. Kálukú wọn kàn mú àìsàn tó mọ̀ jù ni.

Lóòótọ́, kòkòrò àìsàn máa ń mú kí ẹpọ̀n wú. Àmọ́ tirẹ̀ sábà máa ń rọra wọlé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìtọ̀ lè máa ta ọmọ náà, ara rẹ̀ sì lè gbóná. Ṣegede náà lè mú ẹpọ̀n wú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wú, tọjọ́ mélòó kan á sì kọjá. Ìrora tó bẹ́ lójijì, pàápàá èyí tó jí ọmọ lójú oorun tó sì mú un bì, okùn tó lọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí bọ́ọ̀lù bá sì bá ọmọ níbẹ̀, ìrora yẹn yẹ kó rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Tí kò bá rọlẹ̀, kí wọ́n má fi sórí bọ́ọ̀lù mọ́.

Ká sọ pé ọmọ yìí ti sọ̀rọ̀ láago 2 òru ńkọ́? "Ẹ má bínú mà, ibí yìí ló ń dùn mí." Wọn ì bá ti dé ọsibítù tó ní oníṣẹ́ abẹ láago 3. Kí wọ́n má fún un ní oúnjẹ tàbí tíì lọ́nà, torí wọ́n lè nílò láti kùn ún lóorun. Dókítà á wo bóyá kóró ti òsì gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ dípò kó dúró lóòró, bóyá ó le. Á fi ìka ha inú itan ọmọ náà wẹ́rẹ́. Lára ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe, kóró ẹpọ̀n apá ibẹ̀ á fò sókè díẹ̀. Lára ẹni tí tiẹ̀ lọ́, ó sábà máa ń dúró gbári. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn wúlò níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rújú, ṣùgbọ́n bí gbogbo àmì bá ti pé, dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í dúró dè é. Ọgbẹ́ kékeré lára àpò ẹpọ̀n tí wọ́n ṣí tí wọn ò sì bá ohunkóhun níbẹ̀ sàn ju kóró tó kú nítorí pé wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ.

Níbi iṣẹ́ abẹ, wọ́n á la àpò náà, wọ́n á tú okùn, wọ́n á fi aṣọ tútù tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé kóró náà, wọ́n á sì dúró díẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń pọ́n padà, wọ́n á rán an mọ́ ara àpò. Wọ́n á ṣí apá kejì pẹ̀lú, wọ́n á rán òun náà, torí bí wọ́n ṣe bí ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń bí èkejì. Bó bá dúdú tí kò yí padà, wọ́n á yọ ọ́. Ẹpọ̀n kan tó kù lè tó fún irùngbọ̀n, ohùn àti ọmọ bíbí.

Ohun kan ṣì ń tan àwọn òbí jẹ. Bí ìrora tó le bá dédé lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ibẹ̀ sì ṣì wú, kóró náà lè ti kú ni, kò sì sí èyí tó lè máa dùn mọ́. Nígbà mìíràn, okùn náà ló tú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọmọ ọdún 14 wa yìí dáadáa, ó lè sọ pé irú rẹ̀ ti ṣe òun lẹ́ẹ̀mejì rí ní sáà tó kọjá, pé ó lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀kẹta. Kí wọ́n mú un lọ bá oníṣẹ́ abẹ nígbà tí kò tíì dùn ún, kí wọ́n fi ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì rán kóró méjèèjì mọ́ àyè wọn.