Ilé Là Á Wò Ká Tó Ra Àga

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ilé lórílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé owó ilé kì í dá wá. Owó ọdún kan gbáko ni onílé sábà máa ń gbà ṣáájú. Ajẹ́ǹtì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba ti àgírímẹ́ǹtì, owó tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ á tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá fi máa dé ọwọ́ èèyàn, ìwọ̀nba owó tó ṣẹ́ kù ló máa ra gbogbo ohun tó máa wọ inú ilé òfìfo náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi owó yẹn ra àga pálọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n, torí pé pálọ̀ ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Àwọn fúnra wọn á wá máa sùn sórí ẹní nínú ooru, nítorí pé owó fóòmù àti fáànù ti bá àga lọ.

Ẹni tó máa gbé inú ilé ni kí á kọ́kọ́ rà fún, kí àlejò tẹ̀ lé e. Ọjà ríra sì gbọ́dọ̀ bá bí ìgbésí ayé inú ilé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mu: oorun alẹ́ àkọ́kọ́, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ohun tí oṣù àkọ́kọ́ bá fi hàn pé ó pọn dandan.

Ká pín owó ká tó jáde

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó gba yàrá kan àti pálọ̀ kékeré ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn gbogbo owó ilé, 700,000 náírà ló kù sí i lọ́wọ́. Iye ọjà kì í dúró sójú kan, torí náà bí a ṣe pín owó yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí ju iye tí a dá lé ohun kọ̀ọ̀kan lọ.

Kó tó kọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ rà sílẹ̀, ó yọ 100,000 náírà sẹ́yìn. Owó yẹn kì í ṣe ti ọjà. Ti páìpù tó lè máa jò ni, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jóná, ti gbèsè tí ẹni tó gbé ilé ṣáájú lè ti fi sílẹ̀ lórí mítà iná. Ó tún yọ 60,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀, alábàárù, káfíńtà àti oníná. Èyí ni owó tí àwọn èèyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ńlá kì í dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí i. 540,000 náírà ló wá kù fún ọjà gan-an. Iye yìí ló lọ pín, kì í ṣe 700,000.

Tépù ṣáájú ọjà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà là á wò ká tó ra àga. Kí ọ̀dọ́bìnrin wa tó lọ sọ́jà, ó mú tépù káfíńtà wọ inú ilé òfìfo náà. Ó wọn yàrá, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn fèrèsé, ó sì wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà, nítorí pé ibẹ̀ ni àga gígùn sábà máa ń há sí.

Yàrá rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Fóòmù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 ló wù ú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sábà máa ń gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 kúrò lára ògiri. 6 àti 2 di 8, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló máa ṣẹ́ kù, ibẹ̀ náà sì ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù máa ṣí sí. Bó bá mú fóòmù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ààbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀ ló máa rí lò, ó lè rìn, ó lè gbálẹ̀, owó fóòmù náà á sì dín kù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ó rìn láàárín wọn bíi pé wọ́n ti wà níbẹ̀. Ohun tí ṣọ́ọ̀kì bá fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá dúró kí ọjà fi hàn, owó la máa fi gbọ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Ohun tó kọ́kọ́ rà ni ohun tó ń ti ilé àti ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Èèyàn kò lè mọ iye ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ti gbà kọjá, nítorí náà ó ní kí káfíńtà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ó ra àgádágodo kan fún géètì irin, ó sì ra gílóòbù, torí pé ọ̀pọ̀ ayálégbé ló máa ń tú tiwọn lọ. Gbogbo rẹ̀ gba 30,000.

Fóòmù ló kàn, òun ló sì jẹ owó jù nínú gbogbo ọjà náà: 150,000. Fóòmù méjì lè gùn bákan náà, kí wọ́n fẹ̀ bákan náà, kí wọ́n sì ga bákan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan kì ju èkejì lọ. Dẹ́ńsítì ni àwọn tó ń tà á ń pe ìyẹn. Èyí tó kì máa ń wúwo, torí náà ẹ gbé igun méjèèjì wò. Ẹ fi orúnkún tẹ àárín rẹ̀: èyí tó dára á ta ko yín, á sì tètè padà sípò bí ẹ bá gbé orúnkún kúrò. Èyí tí kò kì á rì títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Irú èyí kì í pẹ́ tó fi máa ń jin kòtò níbi tí ìbàdí ń sùn sí, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn. Fóòmù oní-íǹṣì 10 tó kì sàn ju oní-íǹṣì 14 tó fúyẹ́ lọ.

Kò tíì ra bẹ́ẹ̀dì onígi. Ilẹ̀ ló tẹ́ fóòmù náà sí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀ tọ̀sán tòru. Èèyàn máa ń làágùn lójú oorun, omi náà á sì wọ inú fóòmù. Bí abẹ́ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù, kò ní gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á sì bu. Gbogbo àárọ̀ ló ń gbé e dúró ti ògiri kí atẹ́gùn lè fẹ́ ibẹ̀.

Fáànù gba 45,000, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí gba 25,000, garawa, kẹ́ẹ̀gì omi, ìgbálẹ̀ àti ohun ìnulẹ̀ gba 30,000. Gbogbo ohun tí alẹ́ àkọ́kọ́ bèèrè jẹ́ 280,000. Ìró àtijọ́ méjì ló fi bo fèrèsé ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹni tí kò bá lè dáná á máa ra oúnjẹ lójoojúmọ́, owó tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ yẹn sì máa ń gbé owó àga lọ kí èèyàn tó mọ̀. Ilé ìdáná ló kàn, nítorí náà. Ó ra sìlíńdà gáàsì kékeré àti sítóòfù olójú méjì, pẹ̀lú rọ́bà àti régúlétọ̀ tuntun, lápapọ̀ 80,000. Ìkòkò méjì, ọ̀bẹ, abọ́ àti ṣíbí gba 40,000. Nígbà tí wọ́n so gáàsì náà tán, ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi pa gbogbo oríkèé rọ́bà àti ẹnu régúlétọ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń yọ ìfóòfó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Kí ẹ pa á, kí ẹ má tan iná kankan, títí wọ́n á fi tún un dì.

Kọ́tìnnì gba 60,000 pẹ̀lú irin rẹ̀. Aṣọ tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì fèrèsé ló máa ń ṣẹ́ po dáadáa, torí náà fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 á gba aṣọ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ó ra aṣọ náà ní ọjà Gbági Tuntun, télọ̀ ló sì bá a rán an. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gba 180,000. 80,000 ló kù nínú owó ọjà.

Oṣù àkọ́kọ́ á sọ̀rọ̀

Ó fi ìyókù sílẹ̀ fún oṣù kan, ó sì ní ìdí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ fíríìjì. Àwọn iléeṣẹ́ iná ti pín àwọn àdúgbò sí Báńdì A títí dé E. Báńdì A ló yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Báńdì E sì jẹ́ wákàtí 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná Báńdì A sókè láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó wà níbi tí iná pọ̀ ní láti mọ̀ bóyá owó rẹ̀ á gbé fíríìjì. Ẹni tó wà níbi tí iná kò pọ̀ ní láti mọ̀ bóyá ọbẹ̀ á ṣeé tọ́jú nínú rẹ̀ rárá. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, firísà kékeré tó ń ṣí láti òkè sàn jù, torí pé òtútù wúwo, kì í tètè jáde níbẹ̀ bíi ti fíríìjì onílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Oṣù kan tí èèyàn fi ń kọ wákàtí iná sílẹ̀ á sọ èyí tó yẹ kó rà.

Nígbà tí oṣù náà parí, ohun tí ọ̀dọ́bìnrin wa rí ni pé orí fóòmù ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe iṣẹ́ tó bá mú wálé. Ó fi 80,000 náà ra tábìlì kan àti àga kan.

Àlòkù, ẹ̀bùn àti àjọ

Tábìlì onígi, àga ṣíṣù àti bẹ́ẹ̀dì onírin dára ní àlòkù. Àga onífóòmù àlòkù gba ìṣọ́ra, nítorí ìdun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rírán rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn àmì dúdú kéékèèké bí ẹni fi báírò tọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Fóòmù, rọ́bà gáàsì àti régúlétọ̀ kò yẹ ní àlòkù rárá. Fíríìjì tòkunbọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n tan án níṣojú yín títí inú rẹ̀ á fi tutù. Ìnàró ni kó wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan án, kí ọ́ìlì lè sọ̀ padà sínú ẹ̀rọ.

Àwọn ẹbí máa ń fẹ́ fi nǹkan kún ilé ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyá àti àwọn àǹtí tètè mọ ohun tí kò tíì sí, kí ẹni mẹ́rin má baà gbé abọ́ oúnjẹ wá nígbà tí kò sẹ́ni tó mú ọlọ wá. Ní ti ohun ńlá bíi firísà, àjọ ló yẹ kó rà á. Ẹni tó dá 30,000 lóṣooṣù pẹ̀lú ẹni márùn-ún mìíràn máa kó 180,000 nígbà tó bá kàn án, kò sì ní san èlé fún olówò kankan.

Àga pálọ̀ ló kẹ́yìn nínú ètò yìí. Títí dìgbà náà, ẹ ti máa mọ iye àlejò tó ń wá gan-an, bóyá wọ́n ń jókòó pẹ́, àti bóyá inú yàrá tàbí pálọ̀ ni ẹ̀yin fúnra yín ń lò jù. Ẹni tó mọ ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rí i pé àga méjì àti ẹní pẹ̀lú tìmùtìmù díẹ̀ á tó òun, kó sì fi owó ìyókù pa mọ́ de owó ilé ọdún tó ń bọ̀.