Kí ló dé tí iye dátà tí *323# ń sọ fi yàtọ̀ sí èyí tí fóònù yín ń kà?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC, tó ń mójútó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó ìpè àti dátà, ṣùgbọ́n kó má ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń ṣọ́ dátà wọn lójú méjèèjì.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé fóònù lè sọ pé dátà tí èèyàn lò kò tó nǹkan, kí iléeṣẹ́ síìmù sì ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Wọ́n ti jí dátà mi" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde. Àmọ́ ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí ni *323# ń wò?

Láti ọjọ́ Kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni NCC ti ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa lo nọ́ńbà kan náà fún yíyẹ dátà wò:

```
*323#
```

Íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni USSD ń gbà ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń lọ bí dátà bá tilẹ̀ ti tán, tó sì ń lọ lórí fóònù kékeré olóbọ́tìnì. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ fi ń ṣírò owó oníbàárà ni èsì rẹ̀ ti ń wá, iye tó ṣẹ́kù ló sì ń sọ.

Ní ti fóònù, kò mọ iye dátà tí ẹ rà. Ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ kan pàtó nìkan ló ń kà.

Ọjọ́ tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀

Ká sọ pé Bísí ra dátà 3GB, tíí ṣe 3,072MB, ní ogúnjọ́ oṣù, fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀lé e, ó tẹ *323#, wọ́n ní ó ku 1,100MB. Ìyẹn ni pé ó ti lo 1,972MB. Ó wo fóònù rẹ̀, 820MB ló rí níbẹ̀. Ó dà bíi pé ohun tó lé ní 1GB ti sọnù.

Kò sọnù. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun, nítorí náà ohun tó lò láti ogúnjọ́ sí ìparí oṣù kò sí nínú 820MB yẹn. Nígbà tí Bísí wọ ibi tí wọ́n kọ "Data usage" sí, tó yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí ogún, fóònù náà gbé 1,900MB jáde.

Àìfóònù kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó ń lò ó ní láti tẹ "Reset Statistics" lọ́jọ́ tó bá ra dátà.

72MB tó kù ńkọ́?

Bí nẹ́tíwọọ̀kì kò bá dára, dátà tí iléeṣẹ́ ti fi ránṣẹ́ lè já sọ́nà kó tó dé inú fóònù, kí wọ́n sì tún un fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ lè ka méjèèjì, èyí tó dé nìkan ni fóònù máa kà.

Bákan náà, bí dátà bá wà ní títàn, iléeṣẹ́ lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ṣáájú kí ẹ tó lò ó, kí wọ́n sì dá èyí tí ẹ kò lò padà lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kékeré bí èyí kì í ṣe olè jíjà.

Ẹ tún rántí pé dátà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé máa ń pòórá lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, síbẹ̀ fóònù kò ní fi kún ohun tí ẹ lò.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá dátà ń jò lóòótọ́

Ẹ pa dátà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tẹ *323# lórí síìmù tí ẹ fi ra dátà. Ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí fóònù kà. Ẹ tan dátà, ẹ lò ó fún wákàtí kan, ẹ pa á, kí ẹ tún àyẹ̀wò méjèèjì ṣe. Iye tó dín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ yẹ kó súnmọ́ iye tó lé nínú fóònù.

Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀ gan-an, tàbí tí dátà ń dín nígbà tí ẹ pa á, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ ya àwòrán èsì méjèèjì pẹ̀lú àsìkò tí ẹ ṣe é, kí ẹ kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ yín lórí 300. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.